Ìpínrọ̀ káṣú: bí a ṣe tún àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣe di àròkọ

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé àròkọ rẹ̀ dé ilé mi ní Kábà, ó sì fi í pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí ẹran inú ọbẹ̀. Kíláàsì karùn-ún ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Máàkì 4 ló gbà nínú 20. Tíṣà rẹ̀ fi bírò pupa kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀: "Ọ̀rọ̀ fóònù ni èyí, lọ tún un kọ." Kò sọ bí wọ́n ṣe ń tún un kọ.

Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wọn ni "Ìṣòro tí àwọn àgbẹ̀ ń kojú ní agbègbè mi". Ìpínrọ̀ kẹta ló burú jù, òun ni mo sì pinnu láti tún ṣe. Tí ìpínrọ̀ kan bá tò, ọmọ náà á mọ bí yóò ṣe to ìyókù fúnra rẹ̀. Mo bi í léèrè bó ṣe kọ ọ́. Ó ní òun kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun lórí fóònù ni, nígbà tí ọ̀rẹ́ náà ní ó dáa, òun dà á kọ sínú ìwé. Mo ní kó fi èyí tó wà lórí fóònù hàn mí. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an nìyí:

```
ejo awn agbe wa n jiya gan!!! wn ma gbe kashu lo oja,
wn a ni o tutu, owo a ja wale. ona o da moto o wa.
igba ojo lo tun wa buru ju sha 😭😭 baba mi ta tiwa
lodun to koja wn o sun moju. mi o fe so iye e.
ki wn se nkn si jor
```

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu, torí pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ọmọ yìí mọ ohun tó ń sọ. Ilé tí wọ́n ti ń ṣa káṣú ló ti dàgbà. Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èyí tí mo ṣe lónìí kò dáa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà tún un ṣe.

Mo jókòó, mo mú bírò, mo sì bá a kọ ìpínrọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbà pé ohun tó yàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ fóònù àti àròkọ ni ọ̀rọ̀ ńláńlá, mo sì da ọ̀rọ̀ ńláńlá sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ohun ìbànújẹ́ gbáà ni ó jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ wa, àwọn tí wọ́n jẹ́ òpómúléró ọrọ̀ ajé ilẹ̀ yìí, wà nínú ìpọ́njú tí kò ṣeé fẹnu sọ." Mo kà á fún ara mi, ó dùn létí mi. Mo ní kó dà á kọ sí ojú ìwé tuntun, kó gbé e lọ fún tíṣà rẹ̀.

Ọjọ́rú

Ó padà wá kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Tíṣà ka ìlà kìíní, ó gbé ojú sókè, ó bi í pé, "Kí ni òpómúléró?" Ọmọ náà dákẹ́. Tíṣà tún bi í pé, "Ìpọ́njú wo ni kò ṣeé fẹnu sọ, nígbà tó jẹ́ pé sísọ ọ́ ni iṣẹ́ tí mo fún ọ?" Ó dá ìwé náà padà láìfún un ní máàkì kankan.

Inú bí mi sí tíṣà náà fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo tún ohun tí mo kọ kà, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Nínú gbogbo ìlà mi, káṣú fara hàn ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ náà, pẹ̀lú gbogbo wàhálà rẹ̀, ní káṣú, ọjà, òjò àti bàbá tí kò rí oorun sùn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo yọ kúrò, mo sì fi aṣọ bo ihò tó ṣẹ́ kù.

Mo ya ojú ìwé tèmi sọ nù. A padà sí orí àtẹ̀jíṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀: títú u palẹ̀

Kí a tó fọwọ́ kan lẹ́tà kankan, mo ní kó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè, bí ìgbà tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo wá ní kó fi bírò yí ibi gbogbo tó bá ti kọ "wn" po. Mẹ́rin ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Ta ni wọ́n ń gbé káṣú lọ ọjà?"

"Àwọn àgbẹ̀, Àǹtí mi."

"Ta ni wọ́n ní ó tutù?"

"Àwọn tó ń rà á."

"Ta ni wọn ò sùn mọ́jú?"

"Bàbá mi ni."

"Ta ni kí wọ́n ṣe nǹkan sí i?"

Ó dúró. "Ìjọba... àbí, mi ò tiẹ̀ mọ̀."

Ibí yìí ni àìsàn ìpínrọ̀ náà wà, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé bá fi ṣe àròkọ lédè Yorùbá wà. Arọ́pò-orúkọ "wọn" tiwa ru ẹrù méjì. Ó dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tún dúró fún ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí ènìyàn bá ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mọ bàbá, ó mọ oníkáṣú, ó sì gbọ́ ohùn olùsọ̀rọ̀ tàbí kó rí ojú rẹ̀. "Wọn" mẹ́rin tó ní oníǹkan mẹ́rin kò lè dà á rú. Lórí ìwé, tíṣà tó ń ka àròkọ ogójì ọmọ lálẹ́ ọjọ́ kan kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ka "wn o sun mọ́jú" lẹ́yìn "wn a ni o tutu", àwọn oníkáṣú ni yóò rò pé wọn kò sùn.

Mo fún un ní òfin kan, mo sì ní kó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀: dárúkọ ẹni náà lákọ̀ọ́kọ́, kí o tó fi "wọ́n" rọ́pò rẹ̀, kí "wọ́n" inú gbólóhùn kan má sì ní ju oníǹkan kan lọ. Ní ti bàbá rẹ̀, mo ní kó kúkú máa tún "bàbá mi" pè dípò kó máa lo "wọ́n". Ọ̀wọ̀ kò lọ níbẹ̀. Kìkì pé kó má kọ "bàbá mi, ó" ni, torí tíṣà tó bá dàgbà díẹ̀ á fà á ní etí.

Ìbéèrè kejì tí mo bi í ni pé nǹkan mélòó ló wà nínú ìpínrọ̀ yìí. Ó kà á, ó ní mẹ́ta. Mo ka márùn-ún: ìyà àgbẹ̀, iye owó káṣú, ọ̀nà tí kò dára, òjò, àti ohun tí ó yẹ kí ẹnìkan ṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè gbé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ọ̀rẹ́ á dáhùn, á sì béèrè èyí tí kò yé e. Ìwé kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo ní kó mú ẹyọ kan. Ó mú owó káṣú, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ìpínrọ̀ tó ń bọ̀. Òjò nìkan ni ọmọ náà kọ̀ láti yọ, ó ní òjò ló fa káṣú tútù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló mọ̀ ọ́n, èmi kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́: ohun tí àmì ìyanu ń sọ

"Gan!!!" àti ojú méjì tó ń sunkún ni a dojú kọ báyìí. Èyí tó rọrùn jù ni kí a pa wọ́n rẹ́, kí a kọ "púpọ̀púpọ̀" dípò wọn. Mo ti ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ sì ti rí ibi tó já sí. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn àmì wọ̀nyí ń ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́: wọ́n ń sọ fún ọ̀rẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Tí a bá yọ wọ́n, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ gbé ìwúwo náà, ohun náà sì ni nǹkan tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo ní, "Fi àwòrán sílẹ̀. Sọ fún mi bí bàbá rẹ ṣe ta káṣú lọ́dún tó kọjá. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ilé kúrò."

Ó sọ ọ́. Àpò mẹ́ta ni wọ́n gbé lọ. Òjò ti rọ̀ lé e lórí ní alẹ́ méjì ṣáájú. Oníkáṣú ki ọwọ́ bọ àpò, ó bu ìkúnwọ́ kan, ó mì ín létí. Káṣú tó gbẹ a máa dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú ike, èyí kò dún. Ó fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀, èékánná wọlé. Oníkáṣú gbé àpò kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, ó yọ kílò 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún omi, ó sì tún dín owó kílò kan kù. Bàbá bẹ̀ ẹ́, oníkáṣú ní tí kò bá wù wọ́n kí wọ́n gbé e padà lọ sílé. Wọ́n ti san owó ọkọ̀.

Mo bi í pé, "Kílò mélòó ló bá omi lọ?"

Ó fi ìka kà á. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ṣé o rí i? O ní o ò fẹ́ sọ iye rẹ̀. Má sọ iye owó náà, ọ̀rọ̀ ilé ni. Sọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan ti là. Ó mú fóònù láti tẹ̀ ẹ́. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bírò ni wọn yóò fi kọ ìdánwò, bírò náà ni kó fi kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì: lẹ́tà àti àmì

Lónìí ni a ṣe iṣẹ́ tí mo rò tẹ́lẹ̀ pé òun ni gbogbo iṣẹ́. Mo ní kó pín ojú ìwé sí méjì, kó kọ ọ̀rọ̀ fóònù sí apá òsì, ọ̀rọ̀ ìwé sí apá ọ̀tún. "Awn" di "àwọn". "Wn" di "wọ́n". "Nkn" di "nǹkan". "Moto o wa" di "kò sí ọkọ̀". "Jor" àti "sha" kò ní ẹnìkejì, wọ́n lọ pátápátá, nítorí pé ohùn ẹnu lásán ni wọ́n ń gbé.

Àmì ohùn ló mú wa dúró pẹ́. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ṣé ó di dandan ni? Gbogbo ènìyàn á mọ̀." Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí ìwé: agbe. Mo ní kó kà á. Ó ní àgbẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí kì í ṣe agbè tí ìyá àgbà fi ń bu omi? Kí ló dé tí kì í ṣe agbe tí alágbe ń ṣe? Kí ló dé tí kì í ṣe ẹyẹ agbe, tó laró?" Ó rẹ́rìn-ín. "Awn agbe wa n jiya gan" lè jẹ́ pé àwọn ẹyẹ ló ń jìyà. Lẹ́yìn ìyẹn kò bi mí mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá rí "owo": owó ni tàbí ọwọ́, òwò ni tàbí ọ̀wọ̀? Ó rí "igba ojo" pẹ̀lú, tó lè jẹ́ ìgbà òjò, tí ẹlòmíràn sì lè kà sí igba ọjọ́.

Ọ̀nà tí mo fi kọ́ ọ kò ní àrà kankan. Mo ní kó má wo lẹ́tà, kó pa ẹnu mọ́, kó fi ohùn nìkan kùn ọ̀rọ̀ náà bí orin, dò re mí, kó tó fi àmì sí i. Ohùn ìsàlẹ̀ á gba àmì tó wó sílẹ̀, ohùn òkè á gba àmì tó dìde, ti àárín kò gba nǹkan kan. Ibi tó ti ń ṣòro ni pé èdè ilé wa ní ilẹ̀ Òkun àti Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ ìwé kì í fi gbogbo ìgbà dún bákan náà, ọmọ tó bá kùn ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé lè fi àmì sí ibi tí tíṣà kò retí rẹ̀. Fún àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní kó rántí bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ṣe ń pè é. Mi ò sì jẹ́ kó rò pé èdè ilé kò dáa. Tí wọ́n bá ní kó kọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ sí màmá àgbà, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni ilé wa, "Òkun o", bó bá ṣe wù ú. Àròkọ yìí ló ní ilé tirẹ̀.

Nǹkan kejì tó gba àkókò ni ìsúnkì. Mo ti sọ fún un pé nínú àròkọ, "mi ò" á di "n kò", "ò dára" á di "kò dára", "tó" á di "tí ó", "ló" á di "ni ó", "ẹ̀" á di "rẹ̀". Ó mú ọ̀rọ̀ mi, ó sì fi ṣe gbogbo nǹkan. Nígbà tí mo padà dé láti ibi tí mo ti lọ yí ẹ̀bà, ó ti tú "nígbà" sí "ní ìgbà", ó ti tú "nílé" sí "ní ilé", ó ń wá bí yóò ṣe tú "lójú" palẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mi ò là á yé e dáadáa. Mo ní kó fi àwọn tí ìwé Yorùbá tó ń kà ní kíláàsì fi sílẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "nígbà", "nílé", "lọ́jà", "lójú". Èyí tí a ń tú ni èyí tí ẹnu ń gé nítorí ìkánjú.

Tíṣà tiwọn fẹ́ràn "tí ó" ju "tó" lọ, ìyẹn náà ni a ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tó gbọ́n ń kọ "tó" nínú ìwé, èmi náà ń kọ ọ́, ẹ sì ti rí i nínú àkọsílẹ̀ yìí. Tíṣà ló ń fún ni ní máàkì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: títò ó

Ó kọ́kọ́ tò ó bó ṣe wà lórí fóònù, ìyà ṣáájú, ìdí tẹ̀lé e. Mo ní kó fi àwọn gbólóhùn náà sórí bébà kéékèèké, ẹyọ kan lórí bébà kan, kó tẹ́ wọn sórí ẹní. Ó ń yí wọn padà títí tó fi rí i pé ìdí ni ó yẹ kó ṣáájú: ìgbà tí a ń kó káṣú, òjò tó ń bá a, ibi tí a kò rí sá a sí, ọjà, oníkáṣú, àpò bàbá. Ohun kan ń ti èkejì jáde. Nígbà náà ni "nítorí náà" àti "ṣùgbọ́n" rí ibi tí wọn yóò jókòó sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti fi "síwájú sí i" àti "ní àfikún" há àárín ọ̀rọ̀ mi níbi tí nǹkan kan kò ti so mọ́ èkejì.

"Ki wn se nkn si jor" ló kù. Mo bi í pé tí ó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n fún ní agbára, kí ni yóò ṣe kí káṣú bàbá rẹ̀ gbẹ? Ó ní tapólíìnì. Kí àwọn àgbẹ̀ abúlé kan jọ ra tapólíìnì ńlá, kí wọ́n máa yà á lò. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì lè fi sìmẹ́ńtì da pèpéle kan sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, á dáa. Ó ṣeé fojú rí, ó kéré, òun fúnra rẹ̀ ló sì rò ó. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí ni ohun tí ó kọ sí ojú ìwé tuntun. Àmì ohùn méjì péré ni mo bá a tún ṣe, àti kọ́mà kan:

> Ìṣòro kẹta tí ó ń bá àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa fínra ni títa káṣú tí kò tíì gbẹ. Láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún ni a máa ń kó káṣú, òjò sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó kó o tán. Bí a bá ti ṣa á, ó yẹ kí a sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó wọ inú àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò ní ibi tí wọ́n lè sá a sí tí òjò kò ní pa á. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbé e lọ sí ọjà ní tútù. Oníkáṣú yóò bu ìkúnwọ́ kan, yóò mì ín létí. Bí kò bá dún, yóò dín owó rẹ̀ kù. Ní ọdún tí ó kọjá, bàbá mi gbé àpò mẹ́ta lọ. Oníkáṣú yọ kílò 5 nínú àpò kọ̀ọ̀kan nítorí omi, ó sì tún dín iye tí ó fẹ́ san lórí kílò kan kù. Bàbá mi ti san owó ọkọ̀, nítorí náà kò ṣeé ṣe láti gbé e padà sílé. Kílò 15 ni ó bá omi lọ ní ọjọ́ náà, bàbá mi kò sì sùn mọ́jú. Bí àwọn àgbẹ̀ abúlé kan bá lè jọ ra tapólíìnì ńlá kan, tàbí bí ìjọba ìbílẹ̀ bá lè fi sìmẹ́ńtì ṣe pèpéle ìsákáṣú sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, káṣú yóò gbẹ kí ó tó dé orí òṣùwọ̀n.

Ẹ ó rí i pé "bàbá mi kò sì sùn mọ́jú" ṣì wà níbẹ̀. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ló ti wá. Mo fẹ́ yọ ọ́ nítorí mo rò pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu, ọmọ náà ní rárá. Nígbà tí mo kà á lẹ́yìn kílò 15, mo rí i pé gbólóhùn náà kò nílò ojú tó ń sunkún mọ́.

Ọjọ́ Àìkú: ìdánwò lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá

Aládùúgbò mi kan wà, ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kò mọ ọmọ náà, kò sì mọ bàbá rẹ̀. Mo ní kó ka ìpínrọ̀ náà sókè, kí ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò, kó fi àmì sí ibi tí Màmá bá ti dúró tàbí tí wọ́n bá ti padà sẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan. Ìyẹn ló ṣòro fún un jù, ó ń jẹ ètè.

Màmá dúró ní ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni "oníkáṣú". Wọ́n ní, "Oníkáṣú wo? Ẹni tó ni oko ni àbí ẹni tó ń rà?" Òótọ́ ni. Létí wa tó wà nídìí ọjà, oníkáṣú ni ẹni tó ń rà, ẹni tó bá ti ibòmíràn wá á rò pé ẹni tó ni káṣú ni. Àìmọ oníǹkan tí a ti lé kúrò ní ẹnu ọ̀nà iwájú tún ti gba fèrèsé wọlé. Ọmọ náà yí èkíní padà sí "ẹni tí ó fẹ́ ra káṣú", ó sì fi "oníbàárà náà" sí èkejì.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni "ó bá omi lọ". Màmá rò pé odò ló gbé káṣú lọ. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín fúnra wọn nígbà tí ó yé wọn, wọ́n ní ó dùn bẹ́ẹ̀, kí a má yọ ọ́. Ọmọ náà wò mí. Mo ní kó pinnu. Ó kọ "Kílò 15 ni a kò gba owó rẹ̀ ní ọjọ́ náà". Èmi ì bá ti fi tàkọ́kọ́ sílẹ̀, àmọ́ àròkọ tirẹ̀ ni.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e

Máàkì 13. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "pèpéle ìsákáṣú", ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé "o dá a sílẹ̀ fúnra rẹ?", mi ò sì mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ìbáwí. Ó yọ máàkì kan nítorí pé ìpínrọ̀ náà gùn ju àwọn yòókù lọ, ó sì tọ̀nà, nítorí pé ìpínrọ̀ kìíní àti ìkejì ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù tí a kàn fi àmì sí lórí. A kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Ó tún yí "sílé" po, ó kọ "sí ilé" sókè rẹ̀. Lórí ìyẹn èmi àti tíṣà kò ní fẹnu kò láéláé.

Ọmọ náà ní òun fẹ́ ṣe ìpínrọ̀ kẹrin, ti ọ̀nà, láìsí èmi. Mo ní kó máa lọ. Ní alẹ́, fóònù mi dún:

```
anti mo ti yi gbogbo wn po. meje ni 😭
```